Ewé Ìwé Kan Tí Mo Fi Ń Ra Ìpín Tí Mo Sì Ń Tà Á

Lọ́dún 2023, mo pàdánù owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oṣù mi kan láàárín ọjọ́ márùn-ún, inú yàrá ìpàdé ni mo sì jókòó sí nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà tí à ń pè ní NGX sì rèé, nígbà yẹn, àárọ̀ ló ń ṣí, aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ló ń tì. Gbogbo ìgbà tí ọjà náà bá wà ní ṣíṣí, iṣẹ́ ẹni tó ń san owó oṣù fún mi ló wà níwájú mi.

Ẹnì kan ló sọ nínú ẹgbẹ́ Wátísáàpù pé ìpín ilé iṣẹ́ kan máa tó gbéra. Mo ra 40,000 ìpín ní ₦8 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦320,000 lápapọ̀. Ọjọ́ kẹta, ilé iṣẹ́ náà gbé ìṣirò owó wọn jáde, kò dára. Òfin NGX ni pé iye ìpín kan kò lè lọ sókè tàbí wálẹ̀ ju ìdá 10 nínú 100 lọ lóòjọ́. Nígbà tí mo bọ́ síta ìpàdé, ìpín mi ti balẹ̀ sí ₦7.20, kò sì lè lọ sílẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ààlà yẹn kì í ṣe ààbò fún ẹni tó fẹ́ tà. Ní iye yẹn, gbogbo ayé ló fẹ́ tà, ẹni tó fẹ́ rà ò sí. Ọjọ́ kejì, ₦6.48. Ọjọ́ kẹta, ₦5.84. Ọjọ́ kẹrin, ₦5.26. Ọjọ́ karùn-ún ni mo tó rí ẹni ra tèmi ní ₦5. ₦120,000 ti lọ, ẹ wá ro owó alágbàtà àti owó òfin mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ọ́fíìsì wa tó ti ń ra ìpín kí n tó gba iṣẹ́. Mo lọ rojọ́ fún wọn, mo rò pé wọ́n máa bá mi kẹ́dùn. Wọ́n ní, "Àbúrò, kí lo kọ sílẹ̀ kó o tó rà á?" Mo ní mi ò kọ nǹkan kan. Wọ́n ní, "Ta ló wá sọ fún ọ pé o pàdánù? O ò sọ ibi tó ò ń lọ, báwo lo ṣe mọ̀ pé o ṣìnà?" Inú bí mi díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan.

Nǹkan kan ti kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ tí mo fẹ́ kí òṣìṣẹ́ olówó-oṣù bíi tèmi fetí sí. Nígbà tí owó oṣù wọlé, mo bu ₦60,000 kún àkáǹtì ìpín mi. Oṣù tó tẹ̀ lé e, mo tún bu òmíràn kún un. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, iye tó wà níbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi ti tẹ́lẹ̀, ara mi sì balẹ̀ bí ẹni tí ohunkóhun kò ṣe. Owó oṣù ló ń bo àṣìṣe mi mọ́lẹ̀. Oníṣòwò tí kò ní iṣẹ́ mìíràn, ebi á tètè sọ fún un pé òwò òun ò dára. Èmi, ìparí oṣù ló ń tàn mí jẹ. Ìdí nìyẹn tí ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé mi fi kà báyìí: "Owó òwò yìí jẹ́ ₦1,000,000. Owó oṣù kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ àfi ní ọjọ́ àyẹ̀wò olóṣù mẹ́ta, a ó sì kọ ọ́ sọ́tọ̀." Ó gbà mí tó oṣù méje kí n tó kó iye yẹn jọ láti inú àjẹmọ́nú àti àjọ tí mo gbà, kí n tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2024.

Ìlà kejì ni ti ewu. Mo bi ara mi pé tí mo bá ṣòwò mẹ́wàá léraléra tí gbogbo rẹ̀ já sí òfo, èló ni mo lè pàdánù tí mi ò ní í máa bá ará ilé jà? Mo rí i pé kò gbọ́dọ̀ ju owó oṣù kan lọ, nǹkan bíi ₦150,000. Mo pín in sí mẹ́wàá, ó jẹ́ ₦15,000. Iye tí mo lè fi sínú ewu nínú òwò kan nìyẹn, ìdá kan àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó òwò náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ṣi èyí lóye. Kì í ṣe pé ₦15,000 ni màá fi ra ìpín. ₦15,000 ni màá pàdánù bí ọ̀rọ̀ bá yí padà tí mo sì jáde níbi tí mo ti sọ pé màá jáde.

Iye ìpín tí mo máa rà ló máa ń jáde láti inú ìyẹn, mi ò kì í fi ọkàn fà á yọ. Ẹ jẹ́ ká lo òwò gidi kan tí mo ṣe ní ìparí oṣù Kìíní 2024. Lálẹ́ ọjọ́ kan, iye ìparí ọjà ìpín kan jẹ́ ₦23.60. Mo pinnu pé iye tó pọ̀ jù tí màá san lọ́jọ́ kejì ni ₦24. Ilà ìjáde mi, iye tí ó bá já dé tí màá tà, jẹ́ ìdá 10 nínú 100 sísàlẹ̀ ₦24, ìyẹn ₦21.60. Tí mo bá jáde níbẹ̀, ₦2.40 ló lọ lórí ìpín kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n owó alágbàtà, owó àjọ tó ń ṣàkóso ọjà, owó ilé ìfìpínpamọ́, owó sítáǹbù àti owó orí ọjà wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ alágbàtà tèmi, rírà àti títà papọ̀ ń jẹ nǹkan bí ìdá 3 nínú 100, ìyẹn ₦0.72 lórí ìpín ₦24. Èyí ni mo kọ:

```
15,000 / (2.40 + 0.72) = 4,807.69
```

Mo mú un wálẹ̀ sí 4,800 ìpín. Ní ₦24, ₦115,200 nìyẹn. Ẹ fi wé ₦320,000 tí mo kó lé ọ̀rọ̀ Wátísáàpù lórí. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo mọ̀ ni kì í ka owó rírà àti títà mọ́ ewu wọn, bẹ́ẹ̀ ní ọjà tiwa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo àdánù náà.

Mo tún ṣe ìṣirò burúkú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí ohun tójú mi rí lọ́dún 2023. Tí ìpín náà bá parí ọjà ní ₦21.60 lónìí, tí ó sì tún já ìdá 10 lọ́la kí n tó rí i tà, ₦19.44 ni màá tà á. Àdánù yóò wá jẹ́ nǹkan bíi ₦25,000 dípò ₦15,000. Iye méjèèjì ni mo ń kọ sílẹ̀ kí n tó rà: àdánù tí mo retí, àti àdánù ọjọ́ tí kò sí olùrà. Bí ọkàn mi kò bá gba èkejì, mi ò ní rà á.

Ti ìwọlé, ìyẹn ìgbà tí mo lè rà, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. Òfin mi ni pé iye ìparí ọjà gbọ́dọ̀ ga ju gbogbo iye ìparí ọjà 50 tó ṣáájú lọ, ìyẹn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ìpín ₦23.60 yẹn, ibi tó ga dé tẹ́lẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni ₦23.20. Èkejì, iye ìpín tí mo fẹ́ rà kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú àádọ́ta iye tí wọ́n ń tà lóòjọ́, bí a bá pín ti ogún ọjọ́ tó kọjá dọ́gba. Nítorí náà, kí n tó ra 4,800, ó kéré tán 240,000 ìpín gbọ́dọ̀ máa yí ọwọ́ lóòjọ́. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà àtijáde ti há jù. Ẹlòmíràn lè ní òfin ìwọlé tó dára ju èyí lọ. Ìdí tí mo fi mú tèmi ni pé mo lè wò ó lálẹ́ láàárín ogún ìṣẹ́jú, mi ò sì nílò láti wo ohunkóhun lọ́sàn-án.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Aago mẹ́jọ alẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, mo máa ń ṣí àkójọ iye ìparí ọjà. Tí mo bá rí ìpín tó bá òfin mu, mo máa ń ṣe ìṣirò, mo sì máa ń kọ ọ́ sínú ìwé kí n tó fọwọ́ kan fóònù. Kí n tó kúrò nílé láàárọ̀ ni mo ti máa fi àṣẹ ránṣẹ́ sí alágbàtà: 4,800, ₦24, ọjọ́ òní nìkan. Mi ò kì í sọ pé "iyekíye tí ó bá jẹ́." Bí ìpín náà bá ṣí ní ₦25, kò ní wọlé, ó ti tán nìyẹn. Ó dùn mí nígbà kan tí ìpín tí mi ò rí rà gùn dé ìlọ́po méjì. Síbẹ̀ mi ò pa òfin yẹn rẹ́, nítorí pé bí mo bá sáré tẹ̀ lé e dé ₦26, ó ju ìdajì ewu mi lọ tó ti tán kí òwò tó bẹ̀rẹ̀.

Ti ìjáde ló gba gbogbo ìjà. Alágbàtà tèmi kò ní àṣẹ tí èèyàn lè fi sílẹ̀ kó máa ṣọ́ iye, kó sì tà fúnra rẹ̀ bí ó bá já dé ibì kan. Ojú mi, lálẹ́, ni olùṣọ́. Òfin náà ní apá méjì. Àkọ́kọ́, tí iye ìparí ọjà bá dé ilà ìjáde tàbí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, màá tà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Èkejì, bí ìpín náà bá ń gòkè, ilà náà á máa tẹ̀ lé e: ibi tí iye ìparí ọjà ti kéré jù láàárín ogún ọjọ́ tó kọjá ni ilà tuntun. Ilà náà lè gòkè, kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Fún ọjọ́ tí kò sí olùrà, mo kọ gbólóhùn tèmi sílẹ̀, mo sì fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀: "Kí ọjà tó ṣí, fi àṣẹ títà sílẹ̀ ní iye tó kéré jù tí ọjà gbà lọ́jọ́ náà. Má ṣe gbé e sókè. Ṣe bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ títí yóò fi tà." Ìdí ni pé ẹni tó bá dárúkọ iye tó kéré jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ bá tà, bí iye bá sì dọ́gba, ẹni tó kọ́kọ́ dé lórí ìlà ló ń ṣíwájú. Lọ́dún 2023, mo ń dúró kí iye padà sí ₦8, àwọn tó mọ̀ ti tò síwájú mi láti àárọ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2024, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí mi. Lọ́tẹ̀ yìí, àṣẹ mi ti wà nílẹ̀ kí n tó wọ ọkọ̀, ó sì tà kí n tó jẹun ọ̀sán. Mo pàdánù nǹkan bíi ₦25,000, iye tí mo ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an. Mo jẹ ẹ̀wà mi tán lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìpín ₦24 yẹn, torí òun ló kọ́ mi ní ohun tí mi ò rí níbi kankan. Ó wọlé ní ₦24. Kí oṣù Kẹrin tó dé ìdajì, ó ti dé ₦31, ilà ìjáde mi sì ti gòkè dé ₦28.40. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo wò ó, ó ti parí ọjà ní ₦28.10. Òfin ni òfin. Mo tà á láàárọ̀ ọjọ́ kejì ní ₦28, èrè tó kù lẹ́yìn gbogbo owó jẹ́ nǹkan bíi ₦15,400. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, inú mi dùn pé mo gbọ́ràn sí ìwé mi lẹ́nu.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìtanilólobó báńkì wọlé sórí fóònù mi: ₦12,960. Mi ò mọ ibi tó ti wá. Mo wá wò ó dáadáa, èrè orí ìpín ni, ₦3 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan 4,800, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ìdá 10 owó orí kúrò nínú ₦14,400. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ìpín náà kò já rárá. Nígbà tí ọjọ́ tí èèyàn gbọ́dọ̀ ti ní ìpín lọ́wọ́ kó tó lè jẹ èrè bá ti kọjá, NGX fúnra rẹ̀ ló máa ń yọ iye èrè náà kúrò lára iye ìpín, torí pé ẹni tó bá rà á lẹ́yìn ọjọ́ yẹn kò ní rí èrè náà gbà. ₦31 ti di ₦28 láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tà, ó sì parí ọjọ́ náà ní ₦28.10, ìyẹn ni pé ó tilẹ̀ gòkè díẹ̀. Ìwé mi rí ìjábọ́ níbi tí kò sí ìjábọ́. Kí oṣù Keje tó parí, ìpín náà ti wà ní ₦34, mi ò sì sí nínú rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n ti ṣe ni pé kí n yọ ₦3 kúrò lára ilà ìjáde náà lọ́jọ́ tí ọjà yọ ọ́ kúrò lára iye ìpín. ₦28.40 ì bá di ₦25.40, kò sì ní sí ìdí láti tà. Ẹni tó bá ń lo ilà ìjáde ní ọjà wa gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ yẹn fún ìpín kọ̀ọ̀kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ń kéde rẹ̀ pẹ̀lú ìkéde èrè, èmi ni mi ò kà á. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìjábọ́ kan jẹ́ irú èyí, kí a wò ó bóyá iye tó fi já fẹ́rẹ̀ẹ́ bá iye èrè orí ìpín mu.

Ọ̀rọ̀ yìí dá wàhálà sílẹ̀ nínú òfin àyẹ̀wò mi. Mo ti kọ ọ́ pé mi ò gbọ́dọ̀ yí òfin kankan padà àfi ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Kìíní, oṣù Kẹrin, oṣù Keje àti oṣù Kẹwàá, nítorí mo mọ ara mi: ẹni tí òwò ń jó lára, kò sí ọgbọ́n tí kò ní dá. Ṣùgbọ́n mo ní ìpín méjì mìíràn lọ́wọ́ tí ọjọ́ èrè wọn ń bọ̀ nínú oṣù Karùn-ún. Ṣé kí n dúró di oṣù Keje, kí n tún tà wọ́n lásán? Ẹ̀gbọ́n wa ní ọ́fíìsì ló là mí lóye. Wọ́n ní òṣùwọ̀n ló bàjẹ́, kì í ṣe òfin. Bí ìwọ̀n tí obìnrin fi ń wọn gàrí bá lu, kò ní dúró de ọjọ́ ìpàdé ọjà kó tó dí i. Mo tún òṣùwọ̀n ṣe lọ́jọ́ náà, mo sì kọ déètì sí i. Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí mo ń bi ara mi ni pé: ṣé ohun tí mo fẹ́ yí yìí máa jẹ́ kí n lè dúró sínú òwò tí ń pa mí lára lónìí? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, á dúró de Sátidé.

Àyẹ̀wò ojoojúmọ́ ni ogún ìṣẹ́jú alẹ́ yẹn. Ti olóṣù mẹ́ta ló ń gba wákàtí méjì. Òpó méjì ni mo fà sínú ìwé: ọ̀kan ń bèèrè bóyá mo ṣe ohun tí mo kọ, èkejì ń bèèrè èló ló mú wá. Mi ò kì í jẹ́ kí wọ́n dà pọ̀. Ní ìparí 2024, òwò 17 ni mo ti ṣe. Mẹ́fà jèrè, mọ́kànlá pàdánù. Mo fi ₦15,000 ṣe ìwọ̀n kan. Mẹ́jọ nínú àdánù wọ̀nyẹn jẹ́ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta tó kù jẹ́ ìwọ̀n 4.8 lápapọ̀: ti oṣù Kẹjọ wà nínú wọn, àwọn méjì yòókù sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí àwọn ayẹ̀wéwò wà ní ọ́fíìsì, tí mo sùn láìwo iye ìparí ọjà. Àwọn mẹ́fà tó jèrè mú ìwọ̀n 19.3 wá, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn mú 8. Tí a bá yọ àdánù kúrò, ìwọ̀n 6.5 ló kù, ₦97,500.

Mo kọ́kọ́ yọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wo òṣùwọ̀n gbogbo ìpín tí NGX ń gbé jáde, ASI. Lọ́dún 2024 yẹn, ó gòkè ní ìdá 37.65 nínú 100. Èmi, pẹ̀lú gbogbo alẹ́ mi, kò pé ìdá 10. Bí mo bá tún yọ òwò kan tó mú 8 yẹn kúrò, àdánù ni mo wà. Mo jókòó ti ìwé náà títí ìyàwó mi fi bi mí bóyá ẹnì kan kú.

Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo rí i pé kì í ṣe òfin ìwọlé tàbí ìjáde ló fa èyí tó pọ̀ jù. Òwò kan ń gba nǹkan bíi ₦115,000, mo sì kọ ọ́ pé mi ò gbọ́dọ̀ ní ju márùn-ún lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ oṣù, méjì tàbí mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi. Ó ju ₦600,000 lọ tó ń sùn nínú àkáǹtì alágbàtà láìmú kọ́bọ̀ wá, lọ́dún tí tírẹ́sìrì bíìlì ọlọ́dún kan, ìyẹn owó tí ìjọba ń yá lọ́wọ́ aráàlú, ń san ju ìdá 20 nínú 100 lọ ní ọ̀pọ̀ oṣù. Ìwé mi sọ̀rọ̀ nípa owó tó wà lójú ogun, kò sọ nǹkan kan nípa èyí tó wà nílé. Ní àyẹ̀wò oṣù Kìíní 2025, mo fi ìlà kan kún un: owó tí kò bá sí nínú òwò yóò wà nínú àpò ìdókòwò àjọṣe tó ń ra tírẹ́sìrì bíìlì, ₦150,000 nìkan ni yóò máa wà lọ́dọ̀ alágbàtà. Ó ní ìnira tirẹ̀, torí owó náà máa ń gba ọjọ́ díẹ̀ kó tó padà dé ọwọ́ mi, mo sì ti pàdánù ìwọlé kan nítorí ìyẹn.

Mo tún fi ìlà kan kún un fún ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ bá wọ̀ mí lọ́rùn. Bí mo bá mọ̀ pé mi ò ní lè wo iye ìparí ọjà fún alẹ́ méjì léraléra, mi ò ní ṣí òwò tuntun, màá sì ta èyí tó bá ti sún mọ́ ilà ìjáde tó ìdá 2 nínú 100 kí ọ̀sẹ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, mi ò tíì mọ̀ bóyá ìdá 2 yẹn kéré jù. Ìgbà mẹ́ta ni mo ti lò ó: ẹ̀ẹ̀kan ó gbà mí, ẹ̀ẹ̀mejì ìpín náà gòkè lẹ́yìn tí mo tà á. Mo ti kọ ọ́ sójú ewé ẹ̀yìn pẹ̀lú déètì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ń dúró de Sátidé àkọ́kọ́ oṣù Keje.